Ìlà méjì àkọ́kọ́ nínú pùròpósà Upwork: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi pùròpósà ránṣẹ́ sórí Upwork, sáìtì tí àwọn oníṣẹ́ ti ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ kíláyẹ́ǹtì, tí Connects, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ ń ná láti fi pùròpósà ránṣẹ́, ń tán, tí kò sẹ́ni tó ń fèsì, ìbéèrè tẹ́ ẹ sì ń bi mí kò ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí lọ. Mo ti wá iṣẹ́ níbẹ̀, mo sì ti gbé iṣẹ́ jáde níbẹ̀ fún àwọn ẹlòmíì láti ṣe, torí náà ọ̀nà méjèèjì ni mo fi rí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kí n má bàa máa tẹ ìdáhùn kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni kíláyẹ́ǹtì ń rí gan-an tí pùròpósà mi bá wọlé?

Kì í ṣe lẹ́tà yín ló kọ́kọ́ ń rí o. Lísìtì ló ń rí, orúkọ lábẹ́ orúkọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀: fọ́tò, orúkọ, àkọlé tó wà lórí pùrófáìlì ẹ̀, orílẹ̀-èdè tó wà, iye tó lóun máa gbà, iye tó ti pa rí lórí Upwork, ìdá-ọgọ́rùn-ún Job Success tó bá ti ní, lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ á wá yọ. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan o. Bíi ìlà méjì ni, ó lè gùn díẹ̀ tàbí kó kúrú díẹ̀, ó dá lórí bóyá kọ̀ǹpútà ló fi ń wò ó tàbí fóònù, ìyókù á sápamọ́ títí tó fi máa tẹ̀ ẹ́ kó ṣí.

Upwork gbà yín láyè láti kọ lẹ́tà tó tó 5,000 àmì, àti lẹ́tà, àti kóòmà, àti àlàfo, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rí àyè yẹn, wọ́n á sì kún un. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀, ìlà méjì yẹn nìkan ló dájú pé ojú kíláyẹ́ǹtì máa kàn. Ìyókù, òun ló máa pinnu bóyá òun fẹ́ kà á.

Ẹ tún wo nǹkan kan níbẹ̀. Orúkọ yín ti wà lókè. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe ti wà lókè. Orílẹ̀-èdè yín ti wà lókè. Nítorí náà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀ sà, orúkọ mi ni lágbájá, mo jẹ́ atúmọ̀ èdè láti Nàìjíríà, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún márùn-ún", ohun tí kíláyẹ́ǹtì ti rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn ló tún ń sọ fún un, àyè sì ti tán.

Kí ló dé tí kò lè fara balẹ̀ ka gbogbo ẹ̀? Owó ẹ̀ ló fẹ́ ná kẹ̀.

Torí wọ́n pọ̀. Ẹ lọ wo abẹ́ iṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ Proposals sí, níwájú ẹ̀ ẹ máa rí 20 to 50, tàbí 50+. Ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn kan ṣoṣo ò lè ka lẹ́tà àádọ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì níṣẹ́ míì nílẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó dín wọn kù. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ? Ọwọ́ ẹni kì í wá ẹ̀wà, òkúta ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kíláyẹ́ǹtì ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó máa jẹ́ kó yọ yín kúrò ló ń wá, kì í tíì ṣe ohun tó máa jẹ́ kó mú yín. Ohun tó sì yá jù láti fi yọ ènìyàn ni pé lẹ́tà yìí ò mọ iṣẹ́ tí mo gbé jáde, ibikíbi ló lè lọ.

Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ jáde, ohun tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe pé àwọn tó kọ̀wé ò mọṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ìbẹ̀rẹ̀ wọn ṣe jọra tó. Ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, gbogbo wọn ti ka iṣẹ́ mi dáadáa, gbogbo wọn dá ara wọn lójú, gbogbo wọn ṣetán láti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọṣẹ́ jù láyé wà láàárín wọn, kó ti ṣàlàyé ara ẹ̀ dáadáa ní ìpínrọ̀ kẹta. Ta ló fẹ́ dé ìpínrọ̀ kẹta?

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ tó dájú. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè ṣe, ká tú u wò. Ká sọ pé olùwádìí kan ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ jáde. Ó lóun ní rẹ́kọ́dìǹgì mẹ́ta, wákàtí kan lápapọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà n'Íbàdàn ló ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń dá èsúsú. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní inú ELAN lòun máa kó o sí, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ èdè fi ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ nínú rẹ́kọ́dìǹgì, kóun lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣe bẹ̀rẹ̀ (Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà fúnra ẹ̀ máa jẹ́ ṣá, ohun tó ń sọ ni mo ń kọ síbí):

> Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, inú mi dùn gan-an láti rí iṣẹ́ yín. Mo jẹ́ ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, mo sì ní ìrírí ọdún mẹ́fà nínú ìtumọ̀ àti kíkọ ohùn sílẹ̀. Mo máa ń ṣiṣẹ́ lákòókò...

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yọ "Yorùbá" kúrò, ẹ fi "Hausa" sí i, ó ṣì bá a mu. Ẹ yọ rẹ́kọ́dìǹgì kúrò, ẹ fi ìwé ìlé-ẹjọ́ sí i, ó ṣì bá a mu. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó fẹ́ iṣẹ́ yìí náà ló máa sọ pé ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé lòun, kò sì sí bí olùwádìí yẹn ṣe fẹ́ fi ìyẹn yà yín sọ́tọ̀.

Kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ ronú sí iṣẹ́ yẹn bí ẹni pé wọ́n ti gbé e fún yín. Ibo ló ti máa le? Ọjà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ariwo á wà, àwọn ìyá yẹn á máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, ẹ sì mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ̀rọ̀ tó bá ti di ọ̀rọ̀ owó èsúsú. Ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń dáhùn? Ìyẹn nìkan ti tó wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́jà Ìbàdàn kan lè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Èkìtì, tó bá sì ń sọ ẹ̀ka-èdè tiẹ̀, ṣé bó ṣe pè é la máa kọ ọ́ àbí a máa yí i sí ti ìwé? Nígbà tó bá sì ní "ẹ̀n-ẹ̀n", tó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé gbogbo ẹ̀ la máa kọ àbí a máa tún un ṣe? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ń pinnu iye àkókò tí iṣẹ́ máa gbà. Olùwádìí èdè sábà máa ń fẹ́ gbogbo ẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajé ló ń wádìí lè má fẹ́ "ẹ̀n-ẹ̀n" kankan.

Tẹ́ ẹ bá ti ronú báyìí tán, ìlà méjì yín ti wà nílẹ̀:

> Nínú rẹ́kọ́dìǹgì ọjà, ibi tí àwọn ìyá bá ti ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn ló máa ń gba àkókò jù. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, pẹ̀lú "ẹ̀n-ẹ̀n" àti àtúnsọ, àbí èyí tí a ti tún ṣe?

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí "mo mọṣẹ́" níbẹ̀, kò sí ọdún ìrírí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni yìí ti ṣe irú ẹ̀ rí, torí ẹni tí kò ṣe é rí kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń le. Ó tún mọ̀ pé ó ka ohun tóun kọ, torí ó mẹ́nu ba ọjà àti àwọn ìyá. Ìbéèrè tó parí ẹ̀ sì jẹ́ èyí tí òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ tíì rò ó. Ìdí nìyẹn tó fi máa ṣí lẹ́tà.

Tó bá wá ṣí i, kí ló yẹ kó bá nínú ẹ̀?

Ìyókù ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ má sá padà sórí "orúkọ mi ni". Nínú iṣẹ́ ìyá ọlọ́jà yẹn, ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn nínú kọ̀ǹpútà, torí ó lóun fẹ́ máa wá ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí: lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní kóòdù kan ṣoṣo tiẹ̀ nínú Unicode. Àpapọ̀ ni, "ẹ" tí àmì òkè tẹ̀ lé, tàbí "é" tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé, kíbọ́ọ̀dù kan sì lè tẹ̀ ẹ́ lọ́nà kan kí òmíì tẹ̀ ẹ́ lọ́nà kejì. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ètò tí kò bá mú wọn bára mu kó tó wá ọ̀rọ̀ á rí ìdajì, á fo ìdajì. Ẹ sọ fún un ní gbólóhùn méjì pé ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ máa fi tẹ gbogbo ẹ̀, kó lè wá ọ̀rọ̀ láìsí wàhálà.

Lẹ́yìn náà ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣírò àkókò. Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń kà ni wákàtí mẹ́rin fún wákàtí kan ohùn tó mọ́ tónítóní. Ti ọjà, pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú àwọn tó ń já lu ara wọn, èmi máa ka mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún Yorùbá nìkan, kí n tó fi ìtumọ̀ kún un. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wá wo iye tẹ́ ẹ ní ẹ máa gbà, ó ti mọ ibi tó ti wá. Ìgbà yìí ló tó kan ìrírí yín, gbólóhùn kan, pẹ̀lú iṣẹ́ kan tó jọ ọ́ tẹ́ ẹ lè fi hàn. Ó parí. Kò yẹ kí gbogbo ẹ̀ ju ojú ìwé kékeré kan lọ.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní jọ àìlẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò bá kí wọn?

Mo mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti ń wá, torí nílé wa ẹni tó wọlé tí kò kí ènìyàn ti ba ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ jẹ́ kó tó la ẹnu. Ẹ kí wọn. Ṣùgbọ́n kí kíkí yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, kó má jẹ́ ìlà kan gbáko. Ẹni tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí ò retí "mo kí yín kú iṣẹ́, mo lérò pé lẹ́tà mi bá yín láyọ̀ àti àlàáfíà", ó sì ti jẹ ìdajì àyè yín. "Hi" pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ ti tó, ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀ fún wọn.

Orúkọ ẹ̀ ńkọ́? Upwork kì í sábà fi hàn lójú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sún sísàlẹ̀ lójú iṣẹ́ yẹn, ẹ máa rí àwọn iṣẹ́ tó ti gbé fún ẹlòmíì rí àti ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹnì kan á ti kọ pé "ó dára láti bá Sarah ṣiṣẹ́". Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ kan náà níbi méjì, ẹ lò ó. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, tàbí orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn púpọ̀ ń lo àkáǹtì kan. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀ kọ "Dear Hiring Manager" o, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rí i tí àwọn kan kọ sínú iṣẹ́ wọn pé kí n fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi, bíi orúkọ èso kan. Ṣé lóòótọ́ ni?

Lóòótọ́ ni, ẹ ṣe é. Àárín ìpínrọ̀ gígùn tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sí. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kà á dópin, wọ́n sì ń lo ìlà àkọ́kọ́ láti fi ṣe é torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè rí láìṣí lẹ́tà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá sí níwájú ẹ̀, wọ́n á fi í sí Archived, wọn ò sì ní padà síbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà síwájú pátá, kó dá dúró, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yín gangan. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi síwájú, ẹ má fi sí ìparí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi ń ṣe, kì í ṣe ìtumọ̀. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Ọ̀nà kan náà, àyàfi pé tiyín tún rọrùn jù torí ìṣòro sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n kọ. Ẹ mú ẹni tó kọ pé "àwọn oníbàárà mi ń sanwó, owó ń wọ Stripe, ṣùgbọ́n WooCommerce ṣì ń kọ Pending payment". Àádọ́ta ènìyàn á sọ fún un pé ògbóǹtarìgì WordPress ni àwọn. Ẹ̀yin, ẹ kọ báyìí:

> Tí owó bá wọ Stripe tí WooCommerce ṣì ń kọ Pending payment, Webhooks ni mo máa kọ́kọ́ wò: ìsọfúnni tí Stripe fi ń sọ fún sáìtì yín pé owó ti wọlé ò débẹ̀. Ṣé ẹ yí àdírẹ́sì sáìtì padà láìpẹ́ yìí, àbí ẹ fi ètò ààbò tuntun sí i?

Ìbéèrè méjì yẹn kì í ṣe ti àfẹnusọ. Tí wọ́n bá ti yí sáìtì láti http sí https tàbí láti inú èyí tó ní www sí èyí tí kò ní in, àdírẹ́sì àtijọ́ á máa darí ènìyàn síbi tuntun, ṣùgbọ́n Stripe kì í tẹ̀lé ìdarí bẹ́ẹ̀, á kà á sí pé kò débẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ètò ààbò ló dí i lọ́nà, 403 ni Stripe máa rí. Kíláyẹ́ǹtì lè lọ wo abala Webhooks lójú Stripe fúnra ẹ̀ kó rí i bóyá òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rù á máa ba àwọn kan nínú yín pé "tí mo bá ti sọ ibi tí ìṣòro wà, á lọ tún un ṣe fúnra ẹ̀". Àwọn kan á ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kéré. Ẹni tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ kò fẹ́ wọ inú Webhooks, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló fẹ́.

Ohun kan ṣá: ẹ má sọ ọ́ bí ohun tó ti dá yín lójú. "Ni mo máa kọ́kọ́ wò" yàtọ̀ sí "ìyẹn ni ìṣòro yín". Ẹ ò tíì rí sáìtì yẹn. Tó bá jẹ́ nǹkan míì, ẹni tó sọ pé ó dá òun lójú ti pàdánù, ẹni tó ní ibẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ wò ò pàdánù nǹkan kan.

Ṣé gbogbo ìgbà ni mo gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè sí i?

Rárá. Tí kò bá sí ìbéèrè tó ní láárí, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ṣàkíyèsí síbẹ̀ kó tó. Ìbéèrè tí kò wúlò burú ju àìní ìbéèrè lọ. "Ṣé a lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀?" kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀bẹ̀ ni. "Èló lẹ fẹ́ ná?" nígbà tó ti kọ iye sójú iṣẹ́, ẹ ti fi hàn pé ẹ ò kà á. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé: tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni dípò bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé iṣẹ́ mi tàbí iye mi máa yí padà? Tí kò bá ní yí padà, mo yọ ọ́.

Mi ò tíì ní rívíù kankan. Ṣé ìlà méjì lè gbà mí?

Ó lè mú kí wọ́n ṣí lẹ́tà yín, ìyẹn sì ni ohun tó ṣòro jù fún ẹni tuntun, torí gbogbo ohun tó wà lókè lẹ́tà, iye tẹ́ ẹ ti pa, Job Success, òfìfo ni. Fún ẹ̀yin, ìlà méjì yẹn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má wá fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹni tuntun ni mí ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè". Wọ́n ti rí i pé ẹni tuntun ni yín.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ ní sáńpù tó jọ iṣẹ́ náà nílẹ̀. Ẹni tó ń kọ ohùn sílẹ̀, ẹ ṣe ìṣẹ́jú méjì péré nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fúnra yín gbà sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó gbà yín láyè, kí ènìyàn méjì máa sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kí àmì ohùn pé, kẹ́ ẹ so ó mọ́ lẹ́tà. Ẹ wá mẹ́nu bà á níbẹ̀rẹ̀: "mo so ìṣẹ́jú méjì mọ́ ọn níbi tí ènìyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀ lu ara wọn, kẹ́ ẹ lè rí bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀". Ṣùgbọ́n ẹ má gbà láti ṣe lára iṣẹ́ kíláyẹ́ǹtì fúnra ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Upwork fúnra wọn kọ̀ ọ́, ẹni tó bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ ti rú òfin wọn.

Àkókò ò sí. Ṣé mi ò lè ní témpílétì kan tí mo kàn ń lẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹ lè ní in fún ìsàlẹ̀. Ìpínrọ̀ tó ń sọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe, bẹ́ ẹ ṣe ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, irú fáìlì tẹ́ ẹ ń gbà, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa tún un kọ lójoojúmọ́. Ìlà méjì òkè ni kò gbọdọ̀ wá látinú témpílétì, kódà témpílétì tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ ẹni tó ń pawó gan-an. Ó ń pawó torí òun nìkan ló ń lò ó nígbà yẹn, kó tó tà á fún yín àti fún gbogbo ayé.

Ní ti àkókò, ẹ ṣírò owó ẹ̀. Connect kan jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là. Iṣẹ́ tó ń gba Connects méjìlá, dọ́là kan àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì ló ń lọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ síbi mẹ́wàá láìronú, dọ́là méjìdínlógún ti lọ. Ẹ mú mẹ́ta nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti le, kẹ́ ẹ fi àkókò tó kù kọ ìlà méjì-méjì tó dáa. Tẹ́ ẹ bá ka iṣẹ́ kan tán tẹ́ ẹ ò rí ohunkóhun sọ nípa ẹ̀ ju "mo lè ṣe é" lọ, èrò tèmi ni pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tiyín lónìí.

Tí mo bá fi owó kún un kí pùròpósà mi lè wà lókè ńkọ́?

Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Boost. Ẹ máa fi Connects du ipò òkè pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì. Ó lè gbé yín lọ sókè lísìtì, ṣùgbọ́n ìlà méjì kan náà ló máa gbé lọ síbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ìlà yẹn ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mi ni kò dáa, kì í ṣe nǹkan míì?

Ìbéèrè tó dáa jù nìyí, torí àwọn kan máa ń yí lẹ́tà padà nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ rí lẹ́tà ọ̀hún rárá. Ẹ padà lọ sójú iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Activity on this job. Ẹ máa rí Last viewed by client, ìgbà tí kíláyẹ́ǹtì wo àwọn pùròpósà gbẹ̀yìn, àti Interviewing, iye ènìyàn tó ń bá sọ̀rọ̀.

Tí ìgbà tó wò ó gbẹ̀yìn bá ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ fi tiyín ránṣẹ́, kò tíì rí yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ìlà méjì kọ́ nìyẹn, ẹ pẹ́ dé ni tàbí òun ló ti gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá ti wò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tí Interviewing ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni ò bá yín sọ̀rọ̀, ó rí lísìtì tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀, ó sì fò yín. Ìlà àkọ́kọ́ lè wà níbẹ̀, iye tẹ́ ẹ pè náà lè wà níbẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà lójú ẹ̀. Nítorí náà ẹ má dájọ́ lórí iṣẹ́ kan. Ẹ wo bíi mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi iye kan náà ránṣẹ́ sí, tó sì dájú pé wọ́n wò ó. Ẹ yí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan padà nínú mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹ má fọwọ́ kan iye.

Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Tí kíláyẹ́ǹtì bá kọ̀wé sí yín, tó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ti kọ sí ìpínrọ̀ kejì, ẹ má bínú sí i, ìlà àkọ́kọ́ ló kà tó fi kọ̀wé. Ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ń kọ̀wé sí yín dáadáa, tí wọ́n wá ń pòórá tọ́rọ̀ bá ti kan owó tàbí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa parí, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀ bó ṣe wà, ibòmíì lẹ ní láti tún ṣe.

Ṣé bó ṣe rí nìyí fún pùròpósà tí mo ń kọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tàbí ẹ̀gbẹ́ aláàánú?

Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Níbi tí wọ́n bá ti ní ìwé tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní máàkì, tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ka gbogbo ẹ̀ kí wọ́n fún abala kọ̀ọ̀kan ní iye tiẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ yọ yín ni ìwé tó sọnù: sátífíkéètì CAC, ìwé owó orí, ọjọ́ tó ti kọjá. Ẹ kó ìyẹn pé kẹ́ ẹ tó máa ṣọ̀nà sí ìlà àkọ́kọ́. Fún ímeèlì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò bèèrè, bí ti Upwork ló rí, kódà ó le jù bẹ́ẹ̀, torí àkọlé ímeèlì àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e nìkan ló máa hàn lórí fóònù wọn.

Kíláyẹ́ǹtì ló fúnra ẹ̀ pè mí wá síbi iṣẹ́ ẹ̀. Ṣé mo ṣì ní láti ṣe gbogbo èyí?

Ẹ ṣe é, àmọ́ ó kúrú. Ó ti wo pùrófáìlì yín kó tó pè yín, nítorí náà ẹ má tún un sọ. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó ti pe àwọn míì náà, Invites sent lójú iṣẹ́ máa sọ iye wọn fún yín. Gbólóhùn ìdúpẹ́ kúkúrú, kẹ́ ẹ wọ inú iṣẹ́ ẹ̀ lọ ní gbólóhùn kejì. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà WhatsApp yín síbẹ̀, Upwork ò gbà á kí àdéhùn tó wà, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ ti àkáǹtì yín pa.